Orúkọ kan, iye méjì: bí pírósẹ́sọ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìdúró tí kò nídìí

Bí mo bá ń ka kóòdù tí kọ̀ḿpáílà tú jáde, ibi tí ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ ni bí rẹ́jísítà kan náà, ìyẹn àyè kékeré inú pírósẹ́sọ̀ tó ń gbé nọ́ńbà, ṣe ń padà wá lemọ́lemọ́. Ìlà kan kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e kà á, kò sì ní pẹ́ tí ìlà mìíràn á fi kọ nọ́ńbà tuntun lé tàtijọ́ lórí. Ẹni tó bá ń kà á láti òkè wá sísàlẹ̀ kò ní rí wàhálà kankan níbẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ ló rí wàhálà, nítorí òun kì í ṣe iṣẹ́ náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ òde òní máa ń kó ọ̀pọ̀ àṣẹ jọ síwájú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wá èyí tí gbogbo ohun tó nílò ti pé, á sì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, yálà òun ló kàn tàbí òun kọ́.

Ọ̀pọ̀ àlàyé tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gbé ṣíṣe àṣẹ láìtẹ̀lé ètò síwájú, tí wọ́n á wá mẹ́nu ba fífún rẹ́jísítà lórúkọ tuntun ní ìparí, bí àfikún kékeré. Lójú tèmi, òdìkejì ló yẹ kó jẹ́. Bí pírósẹ́sọ̀ kò bá lè yí orúkọ rẹ́jísítà padà, kò ní rìn jìnnà kó tó kọlu ògiri, bó ti wù kó gbọ́n tó. Kóòdù kúkúrú kan tó láti fi èyí hàn. Èdè RISC-V ni mo fi kọ ọ́, torí pé kò lọ́jú pọ̀:

```
1  ld   t0, 0(a0)
2  mul  t1, t0, a1
3  sd   t1, 0(a2)
4  ld   t0, 0(a3)
5  mul  t1, t0, a1
6  sd   t1, 0(a4)
```

Àṣẹ kìíní lọ sí ibi tí a0 ń tọ́ka sí nínú mẹ́mọ́rì, ó gbé nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wá sínú t0. Èkejì sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ pẹ̀lú a1, ó sì fi èsì rẹ̀ sínú t1. Ẹ̀kẹta gbé t1 lọ tọ́jú sínú mẹ́mọ́rì níbi tí a2 ń tọ́ka sí. Àṣẹ mẹ́ta tó kù ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún nọ́ńbà mìíràn tó wà níbòmíràn. Irú nǹkan báyìí la máa ń rí nígbà tí kọ̀ḿpáílà bá tú lúùpù kan sílẹ̀, tó tò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra, tó sì tún lo rẹ́jísítà kan náà torí kò fẹ́ fi òmíràn ṣòfò.

Ẹ wo ẹni tó gbára lé ẹni níbẹ̀. Àṣẹ 2 kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi tí àṣẹ 1 bá mú nọ́ńbà dé. Nọ́ńbà náà gan-an ló fẹ́ sọ di púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 3 ń dúró de 2, tí 5 ń dúró de 4, tí 6 sì ń dúró de 5. Ìgbáralé tòótọ́ nìyẹn, kò sí ọgbọ́n tí ẹ̀rọ lè dá sí i. Ṣùgbọ́n láàárín àṣẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta ìkẹyìn, kò sí nọ́ńbà kankan tó ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá kàn bẹ̀rẹ̀ àṣẹ 4 nígbà tó wù ú, ìṣìnà dé nìyẹn. Ká ní nọ́ńbà tí 4 ń wá wà nítòsí, ti àṣẹ 1 sì jìnnà. 4 á ti kọ tirẹ̀ sínú t0 kí ti 1 tó dé. Bó bá yá, ti 1 á dé, á sì kọ lé ti 4 lórí. Bí 5 kò bá tíì ka t0 nígbà náà, nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Kíkọ lé kíkọ nìyí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní WAW. Ìkejì ni kíkọ ṣáájú kíkà. Bí 1 bá ti mú nọ́ńbà dé, tí 2 kò tíì rí àyè kà á, tí 4 sì sáré kọ tirẹ̀ lé e, 2 ló máa sọ nọ́ńbà ẹlòmíràn di púpọ̀. WAR ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí t1 láàárín 2, 3 àti 5. Ìgbáralé èké ni méjèèjì, nítorí orúkọ nìkan ló da àwọn àṣẹ wọ̀nyí pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àkókò wọ̀n ọ́n. Ìró aago inú pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń ka àkókò níbẹ̀. Ní ẹ̀rọ tó ń sáré ní 3 GHz, bílíọ̀nù 3 ìró ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní nọ́ńbà méjèèjì kò sí nínú káàṣì, ìyẹn mẹ́mọ́rì kékeré tó yára lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírósẹ́sọ̀, RAM la ti máa gbé wọn wá, ìyẹn á sì gba nǹkan bí 200 ìró. Ìsọdipúpọ̀ gba 3. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ra fún orúkọ á bẹ̀rẹ̀ àṣẹ 1 ní ìró 0, nọ́ńbà á dé ní 200. Kò ní jẹ́ kí 4 bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, torí t0 ṣì wà lọ́wọ́ 1. Nígbà tí 4 bá wá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìró 201, RAM tún á gba 200 mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, èsì 5 á sì jáde ní nǹkan bíi 404. Ìdajì àkókò yẹn, ìdúró lásán ni. RAM kò kọ̀ láti gbọ́ ìbéèrè kejì, ẹ̀rọ kò fi ránṣẹ́ sí i ni.

Mi ò sọ ìtàn àròsọ o. Bí CDC 6600 ti ọdún 1964 ṣe ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ náà, tí Seymour Cray àti James Thornton ṣe, ní ẹ̀ka ìṣirò púpọ̀, ó sì lè jẹ́ kí àṣẹ tó wà lẹ́yìn parí ṣáájú èyí tó wà níwájú. Pátákó kan nínú rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹni tó di rẹ́jísítà wo mú. Bí àṣẹ méjì bá fẹ́ kọ sínú rẹ́jísítà kan náà, èkejì á dúró sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè ṣe àṣẹ láìtẹ̀lé ètò, ṣùgbọ́n orúkọ ń dá a dúró.

Ní IBM, ìṣòro yìí tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà System/360, rẹ́jísítà mẹ́rin péré ló wà fún nọ́ńbà tó ní àmì dẹ́símà. Ẹ̀rọ Model 91 gbọ́dọ̀ lè ṣe kóòdù tí a kọ fún àwọn ẹ̀rọ kékeré inú ẹbí kan náà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n fi orúkọ kún un. Orúkọ mẹ́rin fún ẹ̀rọ tó fẹ́ máa ṣe ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ púpọ̀ nígbà kan náà! Kò sí bí kọ̀ḿpáílà ṣe gbọ́n tó tí kò ní tún orúkọ lò láàárín ìlà díẹ̀.

Robert Tomasulo ló tú kókó yìí, ó sì gbé ọ̀nà rẹ̀ jáde ní 1967. Ó fi àyè ìdúró mẹ́ta síwájú ẹ̀ka ìròpọ̀, ó fi méjì síwájú ẹ̀ka ìsọdipúpọ̀ àti pípín. Bí àṣẹ kan bá dé, ó bọ́ sínú ọ̀kan nínú àyè wọ̀nyí pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tó nílò. Èyí tí kò bá tíì sí nílẹ̀, kò ní dúró sí ẹnu rẹ́jísítà fún un. Á kàn kọ àmì ẹni tí nọ́ńbà náà máa ti ọwọ́ rẹ̀ jáde sílẹ̀. Nígbà tí ẹni yẹn bá parí, èsì á gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń fetí sí, ẹni tó bá ní àmì yẹn lọ́wọ́ á gbé e. Láti ìgbà tí àṣẹ bá ti wọ àyè ìdúró, orúkọ rẹ́jísítà kò já mọ́ nǹkan kan fún un mọ́. Ẹni tó ṣe nọ́ńbà náà ló mọ̀. Nínú ilé tí Bọ́lá méjì bá wà, a kì í ní kí Bọ́lá kan jáde kí èkejì tó wọlé. Bọ́lá pupa, Bọ́lá dúdú, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní ń ṣe é lọ́nà tó rọrùn láti fojú rí ju ti Tomasulo lọ. Wọ́n ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára àyè tí nọ́ńbà ń gbé. Orúkọ ni t0, t1, a0. Àyè tòótọ́ wà nínú, wọ́n pọ̀ ju orúkọ lọ fíìfíì, kóòdù wa kò sì lè pè wọ́n. Tábìlì kan ń sọ àyè tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí lọ́wọ́lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àkójọ àwọn àyè tó ṣófo.

Ká ní nígbà tí kóòdù wa dé, tábìlì ní t0 wà ní p1, t1 wà ní p2, tí a0 títí dé a4 sì wà ní p3 títí dé p7. Àwọn tó ṣófo bẹ̀rẹ̀ láti p20. Àṣẹ 1 wọlé. Ó fẹ́ ka a0, tábìlì ní p3 ni. Ó fẹ́ kọ sínú t0, nítorí náà a mú p20 fún un, a sì tún tábìlì kọ pé láti ìsinsìnyí lọ, t0 di p20. Àṣẹ 2 wọlé, ó béèrè t0, a ní p20. Ó fẹ́ kọ t1, a fún un ní p21. Àṣẹ 3 kò kọ sínú rẹ́jísítà kankan, kíkà ni tirẹ̀. Nígbà tí 4 bá dé, òun náà fẹ́ kọ sínú t0. A kò ní bi í bóyá ẹnì kankan ṣì ń lò ó. A mú p22 fún un, a tún tábìlì kọ, ó tán. Bí a bá parí, ohun tí ẹ̀rọ ní lọ́wọ́ nìyí:

```
1  ld   p20, 0(p3)
2  mul  p21, p20, p4
3  sd   p21, 0(p5)
4  ld   p22, 0(p6)
5  mul  p23, p22, p4
6  sd   p23, 0(p7)
```

Ẹ tún un kà dáadáa. Kò sí àyè kankan tí a kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbáralé tòótọ́ mẹ́rin yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí 2 ṣì ń ka p20, 5 sì ń ka p22, ṣùgbọ́n gbogbo ti èké ti lọ. Àṣẹ 1 bẹ̀rẹ̀ ní ìró 0, àṣẹ 4 tẹ̀ lé e ní ìró 1, ìbéèrè méjèèjì wà lọ́dọ̀ RAM lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan dé ní 200, èkejì dé ní 201, èsì ìkẹyìn jáde ní 204. A ti bọ́ lọ́wọ́ 404. Bí nọ́ńbà kejì bá wà nínú káàṣì ni, èrè wa kò ní ju ìró bíi mélòó kan lọ nínú kóòdù kékeré yìí. Ìgbà tí ìdúró méjì tó gùn bá lè wọ inú ara wọn ni owó ńlá ń wọlé.

Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni ìgbà tí àyè kan ń di òfìfo padà. Nígbà wo ni p20 lè padà sínú àkójọ? A lè rò pé tí 2 bá ti kà á tán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá àṣẹ mìíràn tún máa béèrè t0 ṣáájú 4. Òfin tí wọ́n ń lò rọrùn: bí àṣẹ tó gba orúkọ t0 tẹ̀ lé e, ìyẹn 4, bá ti jáde pátápátá ní ìparí, p20 di òmìnira. Ìjáde, ní tirẹ̀, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ètò bí a ṣe kọ ọ́. Bí 4 bá ti jáde, gbogbo ẹni tó lè ka t0 àtijọ́ ti jáde ṣáájú rẹ̀. Bákan náà ni ìjáde àṣẹ 1 ṣe ń dá p1 sílẹ̀.

Ìjáde tó tẹ̀ lé ètò yìí ló ń bo àṣírí gbogbo rúkèrúdò tó ń lọ nínú. Gbogbo àṣẹ wà nínú ìlà kan tí wọ́n ń pè ní rìọ́dà bọ́fà, àwọn tó ti parí wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò tíì parí, ẹni tó wà ní iwájú pátápátá nìkan ló lè jáde. Ká ní ojú ewé mẹ́mọ́rì tí a0 ń tọ́ka sí kò sí nínú RAM rárá, tí àṣẹ 1 sì kùnà. 4 àti 5 ti lè parí nígbà yẹn, èsì wọn wà nínú p22 àti p23. Ẹ̀rọ á kàn dà wọ́n nù, á dá tábìlì padà sí bó ṣe wà, t0 sí p1, t1 sí p2, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ 1. Nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà nínú p1, a kò kọ nǹkan kan lé e lórí. Àṣẹ 6 náà kò tíì fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì, torí ohun tí a fẹ́ tọ́jú ń dúró nínú ìlà tirẹ̀ títí àṣẹ rẹ̀ á fi jáde. Model 91 kò ní irú èyí. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ lè má lè sọ àṣẹ tó fà á gan-an, ìyà ńlá ló sì jẹ́ fún ẹni tó ń wá àṣìṣe inú kóòdù rẹ̀. Ní 1985 ni James Smith àti Andrew Pleszkun gbé rìọ́dà bọ́fà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojútùú.

Àyè wọ̀nyí lópin o. Ẹ mú pírósẹ́sọ̀ Skylake, tí Intel gbé jáde ní 2015. Orúkọ 16 ni kóòdù x86-64 mọ̀ fún nọ́ńbà odidi, ṣùgbọ́n àyè 180 ló wà nínú ẹ̀rọ náà fún wọn, rìọ́dà bọ́fà rẹ̀ sì gba ohun 224. Ó lè fún nǹkan bí àṣẹ 4 ní orúkọ tuntun ní ìró kọ̀ọ̀kan. Bí àṣẹ kan bá lọ sí RAM fún 200 ìró, tó sì wà níwájú ìlà, ìlà á kún láàárín 56 ìró, nítorí 224 pín sí 4 nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ á jókòó. Bí àwọn ìbéèrè tó kù bá wà nínú àṣẹ 224 yẹn, wọ́n ti bá a lọ. Èyí tó bá wà ní ipò 232 kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Nǹkan mìíràn tí orúkọ tuntun kò lè wò sàn ni mẹ́mọ́rì. Ẹ padà wo àṣẹ 3 àti 4. Ọ̀kan fẹ́ tọ́jú sí ibi tí a2 ń tọ́ka sí, èkejì fẹ́ kà láti ibi tí a3 ń tọ́ka sí. Bí a2 àti a3 bá jẹ́ ibì kan náà, ìgbáralé tòótọ́ ló wà láàárín wọn, orúkọ rẹ́jísítà kò sì lè fi hàn. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì wéra nínú ìlà ìtọ́jú. Bó bá bára mu, 4 á dúró kí 2 ṣe tán, á gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ 3 láìlọ sí RAM. Nínú kóòdù wa, àdírẹ́sì méjèèjì ti wà nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn á yá. Níbi tí àdírẹ́sì ìtọ́jú bá ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rọ á méfò, bí ó bá méfò tì, á da iṣẹ́ nù, á tún un ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tí ìgbáralé èké kan ti yọ́ kọjá lára ẹ̀rọ tó yẹ kó mú un. Lórí pírósẹ́sọ̀ Intel láti Sandy Bridge títí dé Skylake, àṣẹ popcnt, tó ń ka iye bíìtì tó jẹ́ 1 nínú nọ́ńbà, máa ń dúró de nọ́ńbà àtijọ́ inú rẹ́jísítà tó fẹ́ kọ sí. Kò nílò nọ́ńbà yẹn fún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbà pé ó ń kà á, ó sì sọ ọ́ di ìgbáralé tòótọ́. Orúkọ tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ìgbáralé tí ẹ̀rọ bá pè ní tòótọ́ kò ní já.

```
popcnt rax, [rdi]
add    rbx, rax
popcnt rax, [rdi+8]
add    rcx, rax
```

popcnt gba 3 ìró kí èsì tó jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní ìró kọ̀ọ̀kan bí wọn kò bá gbára lé ara wọn. Nínú lúùpù tó ń lo rax nìkan báyìí, gbogbo wọn tò sẹ́yìn ara wọn, 3 ìró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi xor eax, eax, tó ń sọ rax di òdo, ṣáájú popcnt kọ̀ọ̀kan, ìdè á já. Ibi tí wọ́n ti ń fún rẹ́jísítà lórúkọ tuntun ni ẹ̀rọ ti mọ̀ pé èsì àṣẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè rí i fúnra yín bí ẹ bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ lúùpù náà lọ́nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú xor, ọ̀kan láìsí, kí ẹ sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí Linux:

```
perf stat -e cycles,instructions ./popcnt_test
```

Àmì tí ẹ máa rí ṣàjèjì díẹ̀: instructions á lọ sókè, nítorí a fi àṣẹ kún un, ṣùgbọ́n cycles á wá sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, àkókò dín kù. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú kóòdù yín, tí káàṣì kò sì yí padà, ìgbáralé èké ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìran Ice Lake kò ní àlébù yìí mọ́. Síbẹ̀, bí a bá gba kọ̀ḿpáílà GCC láyè láti lo popcnt láìsọ irú ẹ̀rọ tí a ń kọ kóòdù fún, ó ṣì ń fi xor yẹn síwájú rẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ àtijọ́ ni kóòdù náà máa bá pàdé.